Àtẹ Ọjà fún Ṣọ́ọ̀bù Kékeré: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Pe Ẹni Tó Ń Fi Ọjà Ránṣẹ́?

SÓKÓTÓ – Àtẹ tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pa ata lé lórí lẹ́bàá títì o. Àtẹ inú ìwé ni, èyí tí a fa ìlà sí, tí onísọ́ọ̀bù fi ń mọ iye ọjà tó kù nílẹ̀, ìgbà tó yẹ kó ra òmíràn, àti ọwọ́ ẹni tí yóò ti rà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ síbẹ̀ kò ju orúkọ ọjà àti iye tó kù lọ, ìyẹn kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọjọ́ wo ni kó gbé fóònù.

Fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí le ju bó ṣe rí nílé lọ. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ ní Ìbàdàn, bó bá tán láàárọ̀, ó lè wọ ọjà Bódìjà kó sì padà kí oòrùn tó mú. Èmi tí mo ń ta èlùbọ́ ní Sókótó, Ṣakí ni tèmi ti ń bọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù máa gba Ìlọrin, Jẹ́bà, Mokwa, Kontagora, Yauri àti Jega kó tó wọ ìlú. Ṣúgà àti Indómì ní tiwọn, ọjà ńlá Sókótó níbí ni mo ti ń rà wọ́n. Bí mo bá pè lónìí, ọlọ́kadà lè gbé e dé lọ́la. Nítorí náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, àwọn ọjà kan wà tó yẹ kí n pè fún nígbà tó bá ku ti ọjọ́ méjì, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí mo bá dúró títí ó fi ku ti ọ̀sẹ̀ kan, ó ti bọ́.

Iye tí ọjà bá dé tí a fi gbọ́dọ̀ pè, ni mo ń pè ní "iye ìpè". Òun ni ọkàn àtẹ yìí. Bí a ṣe ń rí i kò ṣòro: iye tí à ń tà lójúmọ́, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ọjọ́ tó lè pẹ́ jù kí ọjà tó dé. Bó bá jẹ́ kóńgò mẹ́fà là ń tà lójúmọ́, tó sì lè tó ọjọ́ 12 kó tó dé, iye ìpè jẹ́ 72. Ó parí. Ibi tí wàhálà wà ni àwọn nọ́ńbà méjèèjì tí a fẹ́ sọ di púpọ̀ yẹn, torí pé àwọn méjèèjì ló máa ń parọ́ fún èèyàn. Èmi fúnra mi ló parọ́ fún.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fa ìlà àtẹ tèmi, mo ṣe ìṣirò èlùbọ́ báyìí: láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kóńgò 132 ni mo tà. Mo fi 30 pín in, ó jẹ́ 4.4 lójúmọ́. Mo bi ìyá tó ń bá mi ra èlùbọ́ ní Ṣakí pé ọjọ́ mélòó ló ń gbà, ó ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo sọ 4.4 di púpọ̀ pẹ̀lú 7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 31. Mo kọ 31 sílẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Ìgbà tó ku 31 lóòótọ́, mo pè, mo fi owó ránṣẹ́. Ọjọ́ karùn-ún, èlùbọ́ tán. Ọkọ̀ kò dé títí di ọjọ́ kejìlá.

Ìyá alámàlà kan wà tó ń ra kóńgò méjì lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí èlùbọ́ fi tán yẹn, ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá rò pé èlùbọ́ nìkan ló bá a lọ, ẹ ṣì í rò. Epo, máàgí, iyọ̀, gbogbo ohun tó ń rà lápapọ̀ ló bá a lọ. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń kí i kí i kó tó padà.

Mo jókòó ti ìwé mi, mo wá ibi tí mo ti ṣì í. Mo rí méjì.

Àkọ́kọ́, nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tí mo fi ṣe ìṣirò, ọjọ́ mẹ́jọ wà tí èlùbọ́ ò sí nílẹ̀ rárá. Mo ka ọjọ́ mẹ́jọ yẹn mọ́ ọn bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Wọ́n fẹ́ rà á, èmi ni mi ò ní in tà! Ọjọ́ tí mo fi tà á jẹ́ 22. Ẹ fi 22 pín 132, kóńgò mẹ́fà gééré ló jẹ́ lójúmọ́, kì í ṣe 4.4. Ẹ wo ohun tí irú àṣìṣe yìí ń ṣe: bí ọjà bá ṣe ń tán tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé á máa sọ pé kì í tà, ẹ óò wá ra díẹ̀, á tún tètè tán, ìwé á tún sọ pé ìtà ti dínkù sí i. Ọjà tó ń tà jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù lè kú báyìí lójú onísọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọjà bá tán, mo máa ń kọ lẹ́tà "T" sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì ní kà á mọ́ ọn nígbà tí mo bá ń wá ìtà ojúmọ́.

Ìkejì ni "ọ̀sẹ̀ kan" tí ìyá yẹn sọ. Kò parọ́ o. Ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra ní Ṣakí ló ń kà á láti. Ṣùgbọ́n ebi èlùbọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ tí mo ti fi owó ránṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ọjà kó tó rí èlùbọ́ tó dára rà. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kò ní gbéra títí ẹrù yóò fi kún un. Bó bá dé Sókótó, ó lè dé ní alẹ́, kó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó já ẹrù. Nítorí náà, ọjọ́ tí mo fi owó ránṣẹ́ ni mo ń kà láti, títí di ọjọ́ tí àpò bá wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Mo wo ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ inú fóònù mi, mo fi wé ọjọ́ tí mo gba ẹrù: èyí tó yá jù jẹ́ ọjọ́ 7, èyí tó pẹ́ jù jẹ́ 12. Àwọn kan á ní kí n mú èyí tó wà láàárín. Rárá. Bí mo bá mú èyí tó wà láàárín, ìdajì ìgbà ni èlùbọ́ á tán kí ọkọ̀ tó dé. Èyí tó pẹ́ jù ni mo mú, ìyẹn ló fi di 6 lọ́nà 12, tó jẹ́ 72.

Àtẹ náà nìyí, mo mú ọjà mẹ́rin péré nínú rẹ̀ kí ó má baà fẹ̀ jù lójú fóònù:

| Ọjà | Òṣùwọ̀n | Ó kù | Ó ń bọ̀ | Ìtà ojúmọ́ | Ọjọ́ ìdúró | Iye ìpè | Ọwọ́ ẹni tí a ń rà á |
|---|---|---|---|---|---|---|---|
| Èlùbọ́ iṣu | kóńgò | 64 | 120 | 6 | 12 | 72 | Ìyá ẹlẹ́lùbọ́, Ṣakí |
| Epo pupa | ìgò | 41 | 0 | 4 | 14 | 56 | Elépo, Òkìtìpupa |
| Ṣúgà | kóńgò | 38 | 0 | 10 | 2 | 20 | Alhaji, ọjà ńlá |
| Indómì | ẹyọ | 190 | 0 | 30 | 2 | 60 | Alhaji, ọjà ńlá |

Ẹ wo èlùbọ́. 64 ló kù, iye ìpè sì jẹ́ 72. Ẹni tí kò bá ní ìlà "Ó ń bọ̀" á sáré pè, á tún ra àpò méjì mìíràn, kó tó rántí pé òun ti fi owó ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àpò mẹ́rin dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí owó tó máa fi ra ṣúgà mọ́, kòkòrò sì bá a jẹ nínú àpò tó gbẹ̀yìn. Nítorí náà, ohun tí a ń fi wé iye ìpè ni èyí tó kù pẹ̀lú èyí tó ń bọ̀. 64 àti 120 jẹ́ 184. Kò sí ìpè. Ọjọ́ tí èlùbọ́ bá wọlé, ẹ yọ 120 kúrò lábẹ́ "Ó ń bọ̀" kí ẹ tó fi kún "Ó kù", bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Epo pupa ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. 41 ló kù, kò sí èyí tó ń bọ̀, iye ìpè jẹ́ 56. Ó ti yẹ kí wọ́n ti pè ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Ní ìgò mẹ́rin lójúmọ́, 41 á gbé wa dé ọjọ́ kẹwàá. Bí ọkọ̀ bá tètè dé, a yọ; bó bá pẹ́, a ó dúró lófo fún bí ọjọ́ mẹ́rin.

Lórí òṣùwọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i. Àpò la fi ń ra èlùbọ́, kóńgò (tí àwọn ará ibí ń pè ní múdù) la fi ń tà á. Kẹ́ẹ̀gì la fi ń ra epo, ìgò la fi ń tà á. Páálí la fi ń ra Indómì, ẹyọ la fi ń tà á. Bí a bá kọ "3" sílẹ̀ lábẹ́ Indómì, ta ni yóò mọ̀ bóyá páálí mẹ́ta ni àbí ẹyọ mẹ́ta? Ohun tí à ń fi tà ni kí ẹ fi ka gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ibì kan pé mélòó ló wà nínú ẹyọ ńlá kan. Páálí Indómì kékeré jẹ́ ẹyọ 40. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 máa ń fún wa ní ìgò 33 bí ìgò bá jẹ́ sẹ́ńtílítà 75. Ti èlùbọ́ kò ní òfin, torí pé àpò jura wọn lọ. Èmi fi kóńgò tèmi wọn àpò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi: bí mo bá fi ọwọ́ nù ún kó tẹ́jú, 60 ló jáde. Bí ọmọ tó ń bá mi tajà bá fi òkìtì sí i lórí fún oníbàárà, bíi 54 ló ń jáde. Ìyàtọ̀ kóńgò mẹ́fà nìyẹn, ó sì jẹ́ odindi ìtà ọjọ́ kan! Kò sí olè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé á máa sọ pé olè wà.

Ìlà tó gbẹ̀yìn, ti ẹni tí a ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan. Nínú ìwé tèmi, mo fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọjọ́ ọjà wọn síbẹ̀, iye tí mo san kẹ́yìn àti ọjọ́ tí mo san án, owó ọkọ̀, ọjọ́ tí mo fi owó ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí ẹrù dé. Ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fi ń tún "Ọjọ́ ìdúró" ṣe, n kì í bi wọ́n léèrè mọ́. Mo tún kọ ẹnì kejì síbẹ̀. Ti èlùbọ́, ẹnì kejì mi jẹ́ obìnrin Yorùbá kan tó ń kó o wọ Sókótó fún títà ní àpò àpò. Tirẹ̀ wọ́n, tó jẹ́ pé bí mo bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, èrè kì í sí níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ló gbà. Ẹ̀ẹ̀kan tí ọkọ̀ Ṣakí pẹ́, mo ra àpò kan lọ́dọ̀ rẹ̀, mo tà á ní iye tí mo rà á. Ìyá alámàlà kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kejì yìí ló jẹ́ kí n lè fi 72 mọ. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó kàwé gan-an ń lò, pé kí a mú ọjọ́ tí ọjà tà jù, kí a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó pẹ́ jù. Ọjọ́ tí èlùbọ́ mi bá yá, kóńgò 9 ni. 9 lọ́nà 12 jẹ́ 108. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò méjì tí yóò máa jókòó sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ pa pọ̀: kí ọkọ̀ pẹ́, kí ọjà sì yá ní gbogbo ọjọ́ méjèèjìlá. Mi ò ní irú owó bẹ́ẹ̀ láti tì mọ́ inú àpò, èlùbọ́ tó bá sì pẹ́ jù nílẹ̀ nígbà òjò, kòkòrò ló ń fi í jẹ. Ẹni tí kò bá ní ẹnì kejì nítòsí, kí ó sún mọ́ 108 yẹn o.

Bákan náà, ẹ má ṣe fi ìjàǹbá ẹ̀ẹ̀kan ṣe òṣùwọ̀n títí láé. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìkún omi pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Mokwa, ó sì gbé ọ̀nà àti afárá lọ. Bí mo bá kọ irú àkókò bẹ́ẹ̀ sí "Ọjọ́ ìdúró" kí n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, èlùbọ́ oṣù kan ni mo máa máa tọ́jú lódoodún nítorí omi ọjọ́ kan. Ìgbà tí mo bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, mo máa ń yí nọ́ńbà náà padà lọ́wọ́, mo máa ń pe ẹnì kejì lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí ọ̀nà bá là, mo á dá a padà.

Ti ṣúgà yàtọ̀. Ọkọ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ìtà ojúmọ́ ló ń fò. Ní Sókótó, bí ààwẹ̀ Ramadan bá wọlé, kùnú àti tíì ìṣínu ń fa ṣúgà bí iná ṣe ń fa epo. Kóńgò 10 tèmi máa ń di 25 lójúmọ́. Èrò tún máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ Alhaji débi pé ọjọ́ ìdúró á kúrò ní 2, á di 3. 25 lọ́nà 3 jẹ́ 75. Bí mo bá fi 20 àtijọ́ sílẹ̀, ṣúgà á tán láàárín ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ààwẹ̀ ni mo ń yí i padà sí 75, torí àwọn èèyàn kì í dúró de ìkéde Sultan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń kó sí. Ẹ má ṣe fi oṣù Kẹta wé oṣù Kẹta. Ààwẹ̀ máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ló bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Ẹni tó bá ṣí ìwé 2024 láti mọ ohun tó máa tà ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹta 2025, ìtà ìgbà tí ààwẹ̀ kò tíì dé ló máa rí. Ọ̀sẹ̀ ààwẹ̀ ni kí ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ ààwẹ̀. Bí Sallah bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń dá iye ìpè padà sí 20, kí ṣúgà má baà dúró tì mí lẹ́yìn ọdún.

Ẹni tó bá fẹ́ lo fóònù dípò ìwé, Google Sheets tó. Bí Ọjà bá wà ní ìlà A, tí gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn bí mo ṣe tò wọ́n lókè, Ó kù á wà ní C, Ó ń bọ̀ ní D, Ìtà ojúmọ́ ní E, Ọjọ́ ìdúró ní F. Ẹ kọ èyí sí G2:

```
=E2*F2
```

Kí ẹ sì kọ èyí sí I2, lẹ́yìn ìlà ẹni tí a ń rà lọ́wọ́ rẹ̀:

```
=IF(C2+D2<=G2,"PÈ","")
```

Ẹ fà á wálẹ̀ fún àwọn ọjà yòókù. Ọjà tó bá tó pè, "PÈ" á yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fóònù kò mọ ohun tó wà nínú àpò ṣá o. Ohun tí ẹ bá kọ fún un ló mọ̀.

Fún ọjà tó wà nínú páálí, kò tiẹ̀ pọn dandan kí ẹ máa ṣírò lójoojúmọ́. Iye ìpè Indómì jẹ́ ẹyọ 60, ìyẹn páálí kan àbọ̀. Mo máa ń gbé páálí méjì sẹ́yìn, mo so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ọmọ bá fọwọ́ kan aṣọ pupa láti já èkíní nínú méjèèjì, ó mọ̀ pé kí òun sọ fún mi.

Kíkà ló kù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń kà á, nígbà tí àdúgbò bá dákẹ́ fún ìrun. Mo máa ń ka ọjà fúnra mi láìwo ìwé ná, lẹ́yìn náà ni mo wá fi wé e. Bó bá yàtọ̀, ohun tí ojú mi rí ni mo ń kọ, kì í ṣe ohun tí ìwé sọ, mo sì máa ń wá ìdí rẹ̀. Òkìtì kóńgò ni ìdí kan. Àwìn ni èkejì: ọmọ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè, kò ní yọ ọ́ kúrò nínú àtẹ ọjà, torí lójú tirẹ̀, owó kò tíì wọlé. Ṣùgbọ́n ọjà ti jáde. Ìdí kẹta ni èyí tí a ń gbé lọ sílé sè, tí gbogbo wa ń ṣe bí ẹni pé kò sí.

Jímọ̀ tó kọjá, àtẹ sọ pé epo ku ìgò 41, èmi ka 37. Mẹ́rin ti lọ sílé wa láàárín ọ̀sẹ̀. Mo kọ 37, mo pe Òkìtìpupa, mo fi owó kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ránṣẹ́, mo sì kọ 99 sí abẹ́ "Ó ń bọ̀".